Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí: bí ẹgbẹ́ kékeré ṣe lè ka ìkéde owó ìrànwọ́ ìjọba

Màmá kan tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ìwé ìkéde owó ìrànwọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ó ní ojú ewé 31, wọ́n ti lọ tẹ gbogbo ẹ̀ jáde. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n fi bíìkì pupa fàlà sí nídìí, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó tó pọ̀ jù tí ẹgbẹ́ kan lè gbà jẹ́ 10.000.000 F. Wọ́n ní "ọmọ mi, bá wa kọ ọ́ kíá, ọjọ́ 18 ló kù." Mo ní mo ti gbọ́ màmá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí ojú ewé 24. Wọ́n ní kí ló wà níbẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni wọ́n sọ bí owó ṣe máa jáde sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ kékeré nìyẹn, yálà Kétu o, Sábẹ o, Àjàṣẹ́ o. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn máa ń kà, iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kọ dòsíyé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí ìwé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi sísan owó àti rápọ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ yín lágbára láti gba owó yẹn láì wọ gbèsè. Màá fi ọ̀rọ̀ màmá yìí ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn iye tí màá dárúkọ, ti ìkéde tiwọn ni, ìkéde kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ọ̀nà tá a gbà wá a ni kẹ́ ẹ mú.

Kẹ́ ẹ tó jókòó kà á: bẹ́ ẹ ṣe lè tètè rí ibi tó ṣe pàtàkì

Bí ìkéde bá jẹ́ PDF lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ àwọn wọ̀nyí síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
ligib
solde
cofinanc
justificati
rapport
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ gé wọn kù ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ `ligib`, á gbé gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, ẹni tí ò lẹ́tọ̀ọ́, ìnáwó tí wọ́n gbà àti èyí tí wọn ò gbà jáde pa pọ̀, àmì orí lẹ́tà Faransé ò sì ní dà yín láàmú. `solde` ni owó ìgbẹ̀yìn, `cofinanc` ni owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa mú wá, `justificati` ni àwọn ẹ̀rí ìnáwó. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò sóhun tó jáde rárá, ó lè jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n ya ìwé ọ̀hún tí wọ́n fi sọ ọ́ di PDF, ojú lẹ máa fi kà á nìyẹn, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ẹ tún wo bóyá ìwé kan ṣoṣo ni. Ó wọ́pọ̀ kí ìkéde ní ìwé míì tó tẹ̀ lé e, bíi àpẹẹrẹ kọ́ńtírà, àpẹẹrẹ bùjẹ́, àpẹẹrẹ rápọ̀. Nínú àpẹẹrẹ kọ́ńtírà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó le máa ń wà, ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa buwọ́ lù ú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: báwo ni owó ṣe máa jáde, ta ló sì máa fi owó ara ẹ̀ ṣe é kó tó jáde?

Ojú ewé 24 ti màmá sọ nǹkan mẹ́ta. Ìkíní, àjọ ìjọba tó ń fúnni lówó ò ní san ju 90% gbogbo ìnáwó lọ, ẹgbẹ́ ló máa mú 10% tó kù wá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó. Ìkejì, 60% owó ìrànwọ́ máa jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá buwọ́ lu kọ́ńtírà, 30% lẹ́yìn rápọ̀ àárín, 10% ìgbẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba rápọ̀ ìparí wọlé. Ìkẹta, 30% yẹn ò ní jáde àfi tí ẹgbẹ́ bá ti ná 70% nínú owó àkọ́kọ́ tán pẹ̀lú ẹ̀rí.

Màmá àti àwọn èèyàn wọn ti ní pùròjẹ́ 8.000.000 F lọ́kàn. Mo mú ìwé, a jọ ṣírò ẹ̀. 90% ẹ̀ jẹ́ 7.200.000, ẹgbẹ́ máa mú 800.000 wá. Nínú 7.200.000 yẹn, 10% ìgbẹ̀yìn jẹ́ 720.000, èyí tí wọn ò ní rí títí iṣẹ́ á fi parí tí rápọ̀ á sì fi wọlé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti parí o, wọ́n gbọ́dọ̀ ti san owó fún gbogbo ẹni tó yẹ kí wọ́n san án fún. Ó túmọ̀ sí pé kí pùròjẹ́ yìí tó parí, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti rí 800.000 pẹ̀lú 720.000, ìyẹn 1.520.000 F, látinú àpò ara wọn.

Mo bi màmá pé èló ló wà nínú àpò. Wọ́n jẹ́ 40, 1.000 F ni kálukú ń dá lóṣù, 480.000 F lọ́dún nìyẹn tí gbogbo wọn bá san, 300.000 F sì wà ní báǹkì. 780.000 lápapọ̀. Màmá dákẹ́, wọ́n ń wo ìwé. Pùròjẹ́ tó dára gan-an ni, àmọ́ àgbàdo inú ìgò ni owó yẹn fún wọn pẹ̀lú bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

A wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 4.000.000 F. Ìrànwọ́ 3.600.000, ẹgbẹ́ mú 400.000 wá, owó ìgbẹ̀yìn tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi tiwọn dí jẹ́ 360.000, àpapọ̀ 760.000. Ó wọlé, 20.000 F ló ṣẹ́ kù, owó oṣù sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìparí la nílò 360.000 yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti pe ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan owó oṣù lọ́dún yẹn, kò sí ti òkú kò sí ti ìkómọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹ tún wo iye tó kéré jù tí wọ́n ń fúnni o. Tiwọn jẹ́ 3.000.000, bí a bá sọ pùròjẹ́ kalẹ̀ kọjá ìyẹn, à á ti jáde nínú ìkéde.

Ẹnìkan nínú ìpàdé ní ṣé a ò lè ka ilẹ̀ tá a fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí àti iṣẹ́ ọwọ́ wa mọ́ 10% yẹn. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn ìkéde kan máa ń gbà á, tiwọn kọ̀ ọ́, torí ó kọ ọ́ ketekete pé owó ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn gangan nínú tiyín, ẹ má fọkàn rò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ẹgbẹ́ yín lẹ́tọ̀ọ́?

Oríṣi ìlà méjì ló máa ń wà, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ẹnu ọ̀nà: bí ẹ ò bá ní ẹyọ kan nínú wọn, wọn ò ní ka dòsíyé yín rárá, bó ti wù kó dùn tó. Èkejì ni ti máàkì, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé tèmi dára ju tìẹ lọ. Níbi máàkì, ẹ lè pàdánù díẹ̀ kẹ́ ẹ sì rí i gbà. Níbi ẹnu ọ̀nà, rárá.

Ti màmá ní kí ẹgbẹ́ ti lo ọdún méjì ó kéré tán. Wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láti ọdún mẹ́fà. Òótọ́ ni, àmọ́ résépísé ni wọ́n fi ń ka ọdún nínú ìkéde tiwọn, ọjọ́ tó wà lórí ìwé tí ìjọba fún ẹgbẹ́. A yọ résépísé jáde látinú náílọ́ọ̀nù, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ó gbà wá, ọkàn wa balẹ̀.

Ibi tó fẹ́ bà wá jẹ́ ni orúkọ. Lórí résépísé, orúkọ ẹgbẹ́ gùn, ó ní "àti agbègbè ẹ̀" lẹ́yìn Kétu. Lórí IFU, ìyẹn nọ́ńbà 13 tí ilé iṣẹ́ owó orí ń fúnni, wọ́n ti gé e kúrú. Ní báǹkì, orúkọ míì tún ni, akékúrú lẹ́tà márùn-ún péré. Fún àwa, ẹgbẹ́ kan náà ni. Fún ẹni tó jókòó tó ń yẹ dòsíyé wò, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni. Ẹ tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ fi ìka ka orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ lọ tún un ṣe ní báǹkì kó tó di pé ẹ kọ nǹkankan, torí ìyẹn máa ń gba ọjọ́, ọjọ́ 18 yẹn kì í pẹ́ tán.

Ẹ yẹ ìjókòó àwọn aṣáájú wò pẹ̀lú. Ìwé òfin ẹgbẹ́ màmá sọ pé ọdún mẹ́ta ni ààrẹ, akọ̀wé àti akápò máa lò kí wọ́n tó tún dìbò. Tí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá tí kò sí ìwé ìpàdé tó fi hàn pé wọ́n tún yàn wọ́n, ọwọ́ tí wọ́n fi buwọ́ lu dòsíyé lè má dúró.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èyí sì ni mo fẹ́ káwọn ará Kétu àti Sábẹ gbọ́ dáadáa. Ìkéde náà sọ pé ti ẹ̀ka Wémẹ̀ àti Pùlátò nìkan ni. Kétu wà ní Pùlátò, Àjàṣẹ́ wà ní Wémẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá ní àwọn àbúrò ní Sábẹ tí wọ́n jọ ń ṣe gàrí, wọ́n fẹ́ kí ìdajì ẹ̀kọ́ náà wáyé níbẹ̀. Sábẹ wà ní ẹ̀ka Kólínì. Látìgbà tí òfin 1999 ti sọ ẹ̀ka orílẹ̀-èdè wa di 12, ọ̀rọ̀ ìbátan ò lè mú ìlà yẹn kúrò. Ìbéèrè méjì ló sì wà nínú ẹ̀, ẹ wá méjèèjì: níbo ni ilé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà, níbo sì ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wáyé. Àwọn ìkéde kan máa ń ní kí ilé ẹgbẹ́ wà níbì kan, wọn ò sì bìkítà ibi tí iṣẹ́ ti wáyé. Ti màmá dè é méjèèjì, la bá yọ Sábẹ kúrò. Ó dùn wọ́n, ó dun èmi náà, àmọ́ gbogbo owó tí wọ́n bá ná ní Sábẹ ni wọ́n máa dá padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìnáwó wo ni wọ́n máa gbà?

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tí wọn ò gbà, ó máa ń kúrú, ó sì máa ń ṣe ketekete. Gbèsè àtijọ́, ilẹ̀ rírà, mọ́tò, owó ìtanràn, nǹkan tí àjọ míì ti sanwó ẹ̀. Ẹ rántí eléyìí tó gbẹ̀yìn, ẹ ò lè gbé fàkítì kan fún onírànwọ́ méjì.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́. Ìnáwó gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ọjọ́ tí pùròjẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí bó ṣe wà nínú kọ́ńtírà. Èmi náà ti jìyà ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé wọ́n ti mú wa, inú wa dùn, a sáré ra bàsíà àti àga torí ọjà ń gbówó lórí, 185.000 F. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn ẹ̀ la tó buwọ́ lu kọ́ńtírà. Nígbà tí rápọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n yọ 185.000 yẹn kúrò pátápátá, fàkítì pé, nǹkan wà nílẹ̀, ọjọ́ nìkan ni ò bára mu. Lẹ́tà ìkíni kú oríire kì í ṣe kọ́ńtírà.

Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ lọ gba àkókò wa jù. Ọ̀gá tó ń jó irin ládùúgbò máa ń ṣe é dáadáa, 900.000 F. Àmọ́ fàkítì tí ìkéde ń béèrè ni fàkítì nọ́màlísé, èyí tó ń jáde látinú ètò ilé iṣẹ́ owó orí, tó ní àmì onígun mẹ́rin QR téèyàn lè fi fóònù yẹ̀ wò, tó ní IFU ẹni tó ta á àti ti ẹni tó rà á. Ọ̀gá wa ò ní in, ìwé olóòǹtẹ̀ lásán ló ní. Tá a bá ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀, 900.000 yẹn máa di ti ẹgbẹ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi iye kankan sínú bùjẹ́, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ rajà lọ́wọ́ ẹ̀ pé ṣé ẹ lè fún wa ní fàkítì nọ́màlísé ní orúkọ ẹgbẹ́? Orúkọ ẹgbẹ́ o, kì í ṣe orúkọ ààrẹ.

A rí ẹlòmíì ní Pọ́bẹ̀ tó ní in, iye kan náà, àmọ́ TVA, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, wà lórí tiẹ̀. TVA wa jẹ́ 18%, 162.000 F nìyẹn, ẹ̀rọ di 1.062.000. Ìkéde ò sọ kedere bóyá wọ́n máa san TVA. Ẹ rántí pé 20.000 F péré ló ṣẹ́ kù lápò wa, 162.000 máa fọ́ gbogbo ìṣirò tá a ti ṣe. Ó dáa tí ìkéde bá ní ọjọ́ tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀, tiwọn jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìparí. A kọ ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́: ẹgbẹ́ wa ò lè gba TVA padà lọ́wọ́ ìjọba, ṣé ẹ máa kà á mọ́ ìnáwó? Wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tá a bá ti fi ẹ̀rí hàn pé a ò lè gbà á padà. A tẹ ìdáhùn yẹn jáde, a fi sínú dòsíyé ẹgbẹ́, torí ẹni tó dáhùn lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Owó ìṣàkóso náà ní ibi tó ti ń ṣìnà. Ìyẹn ni owó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún iná, íńtánẹ́ẹ̀tì, bébà, láì béèrè fàkítì ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ Àjọ Yúróòpù, 7% ni wọn kì í kọjá. Ti màmá náà sọ 7%, àmọ́ 7% kí ni? Akọ̀wé wọn fi 4.000.000 ṣe é, ó rí 280.000. Ìwé sọ pé 7% ìnáwó tààrà, ìyẹn ìnáwó kó tó kan owó ìṣàkóso. Ẹ pín 4.000.000 sí 1,07, ẹ máa rí 3.738.318, èyí ni ìnáwó tààrà, 261.682 tó kù ni owó ìṣàkóso. 18.318 F ni ìyàtọ̀ ẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ bùjẹ́ wò máa rí i pé ẹ kọjá ibi tí wọ́n là sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú míì wo gbogbo iye tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rápọ̀

Ẹ ṣe káléńdà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ pùròjẹ́. Ti màmá: oṣù 12 ni iṣẹ́, rápọ̀ àárín ní oṣù kẹfà, rápọ̀ ìparí láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n sì tọ́jú gbogbo ìwé fún ọdún márùn-ún. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ 70% tí mo sọ lókè. Owó àkọ́kọ́ tiwọn jẹ́ 2.160.000, 70% ẹ̀ jẹ́ 1.512.000. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ rírà sí oṣù kẹjọ, wọn ò ní tíì ná iye yẹn ní oṣù kẹfà, owó kejì máa há. La bá gbé ẹ̀rọ wá sí oṣù kẹta. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìlà kan ní ìparí ìkéde ló tún ètò iṣẹ́ tò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo irú ẹ̀rí tí wọ́n ń fẹ́ fún owó kéékèèké. Owó ọkọ̀ 1.500 F fún ìyá tó wá láti abúlé, kò sí fàkítì nọ́màlísé fún ìyẹn. Ohun tí ìkéde gbà ni ìwé ìsanwó tó ní orúkọ, abúlé, nọ́ńbà fóònù, iye, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù tàbí ìtẹ̀ka, pẹ̀lú ìwé àwọn tó wá ní ọjọ́ yẹn kan náà. Orúkọ tó wà lórí ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí 25 bá wá tẹ́ ẹ sì san fún 27, wọ́n á bi yín léèrè àwọn méjì yẹn. Ohun tó bá ju 100.000 F lọ, báǹkì ni kó gbà kọjá, kì í ṣe ọwọ́ sí ọwọ́. Ìwé tí ẹ̀rọ kékeré máa ń tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé epo máa ń ṣá, mo ti rí èyí tó funfun báláú lẹ́yìn ọdún kan, nítorí náà ẹ ṣe fótókọpí ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, kẹ́ ẹ fi pín-ín-nì kan méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ tún fi fóònù yà á.

Tí ìkéde bá tún ní kẹ́ ẹ mú ìwé ìṣirò owó ọdún tó kọjá wá, ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, ìlànà ìṣirò OHADA, àjọ òfin okòwò tí orílẹ̀-èdè wa wà nínú ẹ̀, fún àwọn ẹgbẹ́ tí ò wá èrè, tí wọ́n ń pè ní SYCEBNL, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ọ̀nà kékeré kan fún ẹgbẹ́ tówó ẹ̀ ò pọ̀, owó tó wọlé àti owó tó jáde ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ẹ bá ẹni tó mọ ìṣirò ṣe é, kẹ́ ẹ kọ owó tẹ́ ẹ máa san fún un sínú bùjẹ́ tí ìkéde bá gbà.

Màmá padà wá lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú akápò wọn. Ìwé báǹkì ti yí padà, orúkọ ti pé. Bíìkì pupa ṣì wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ojú ewé 24 ni wọ́n ti fàlà sí lọ́tẹ̀ yìí, àti ojú ewé 9 níbi tí ẹ̀ka ilẹ̀ wà, àti ìsàlẹ̀ ojú ewé 17 níbi fàkítì. A jókòó, a ṣí fọ́ọ̀mù, a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́.